Nígbà Tí Ológbò Bá Bi Irun: Èwo Ni Kò Léwu, Èwo Ni Ká Sáré Fún?

Ẹ káàsán o, gbogbo ilé. Ẹ kú ìjókòó, ẹ sì kú oòrùn yìí. Mo kí ẹ̀yin bàbá, mo kí ẹ̀yin ìyá, mo kí ẹ̀yin ọ̀dọ́. Mo tún kí àwọn ológbò méjì tí mo rí nínú agbọ̀n lẹ́yìn lọ́hùn-ún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé wọn ò ní dá mi lóhùn.

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí ike yìí máa lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ẹ ṣí i wò, ó ti gbẹ, kò rùn mọ́. Kí lẹ rò pé ó jẹ́? Mo gbọ́ ẹni tó ní ìgbẹ́ ni. Mo gbọ́ ẹni tó ní eku ni. Rárá o. Irun ni. Irun lásán! Ó gùn tó ìka ọwọ́ mi yìí, ó nípọn jù ú lọ díẹ̀, ó sì ki bí aṣọ òfì. Inú ìfun ológbò kan níbí n'Ìbàdàn ni mo ti yọ ọ́, mo sì máa sọ ìtàn ológbò náà fún yín tó bá yá. Ìṣù irun la máa pè é lónìí, kí gbogbo wa lè jọ mọ ohun tí à ń sọ.

Nǹkan mẹ́ta ni mo gbé wá. Àkọ́kọ́, bí irun ṣe ń dénú ológbò tó fi ń ṣù. Ìkejì, èyí tá a lè rí tí ọkàn wa kò ní mì. Ìkẹta ni mo torí ẹ̀ kúrò nílé: àmì pé ọ̀nà ti dí, àti ohun tí a kò gbọ́dọ̀ dán wò.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ahọ́n. Ta ni ológbò ti lá lọ́wọ́ rí nínú yín? Báwo ló ṣe rí lára? Bí ewé ìpín, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ewé tí àwọn ìyá wa fi ń ha ìkòkò. Ìdí ni pé ìkọ́ kéékèèké ló kún orí ahọ́n ológbò, ohun kan náà tó di èékánná ló di ìkọ́ náà, gbogbo wọn ló sì kọjú sí ọ̀fun. Ìkọ́ wọ̀nyí ni òòyà ológbò. Òun ló fi ń ya irun tó ti kú kúrò lára, òun ló fi ń mú ìdọ̀tí kúrò. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: ọ̀fun ni wọ́n kọjú sí. Irun tó bá há síbẹ̀, ológbò kò lè tu ú dànù. Kí ló kù tó lè ṣe? Kó gbé e mì náà ni. Lójoojúmọ́ ló ń gbé irun mì, látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀.

Irun tó dé ikùn kò lè dà bí oúnjẹ ṣe ń dà. Omi kíkan inú ikùn kò rí i ṣe. Síbẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ máa ń bá oúnjẹ lọ, á gba inú ìfun kọjá, á sì bá ìgbẹ́ jáde. Ẹni tó bá fi igi tú ìgbẹ́ ológbò rẹ̀ wò (mo mọ̀ pé kò dùn-ún ṣe) yóò rí irun níbẹ̀. Ọ̀nà tó yẹ kó gbà nìyẹn. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń ṣẹ́ kù sínú ikùn. Ajá ní ohun kan tí ológbò kò ní tó bẹ́ẹ̀: nígbà tí ebi bá ń pa ajá, ìfun rẹ̀ máa ń fún ara rẹ̀ lágbáralágbára, bí ẹni tó fi ìgbálẹ̀ gbá ilé, tó gbá gbogbo àjẹkù lọ. Ìgbálẹ̀ ti ológbò rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Irun tó kù á wá máa lọ́ mọ́ra, á máa lọ́ mọ́ra, títí yóò fi di ìṣù. Ìgbà tó bá fẹ́ bì í, ọ̀nà ọ̀fun tóóró ló máa gbà jáde, ọ̀nà ọ̀fun yẹn ló ń tẹ̀ ẹ́ tó fi ń gùn gbọọrọ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí kò rí i rí fi máa ń rò pé ìgbẹ́ ni.

Tó bá jẹ́ pé gbogbo ológbò ló ń gbé irun mì, kí ló dé tí ti òmíràn fi ń ṣù ju ti ẹlòmíràn lọ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ sílé. Ìdí méjì péré ló wà. Yálà irun tó ń wọlé ti pọ̀ jù, tàbí ọ̀nà tó yẹ kó gbà jáde ń fà lọ́ra. Irun á pọ̀ jù bí ológbò bá jẹ́ onírun gígùn, irú èyí tí wọ́n ń pè ní ológbò Páṣíà. Á tún pọ̀ jù bí ara bá ń yún un, tàbí bí ibì kan bá ń dùn ún tó ń lá ibẹ̀ ṣáá, tàbí bí ìbẹ̀rù bá dé bá a nínú ilé. Ọ̀nà náà sì lè máa fà lọ́ra bí àrùn bá wà nínú ìfun fúnra rẹ̀: ìfun tó wú nítorí oúnjẹ tí kò bá a lára mu, tàbí jẹjẹrẹ inú ìfun tó máa ń mú àwọn àgbà ológbò. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá gbé ológbò wá tó ní, “Dókítà, irun ló ń ṣe é,” èmi kì í gbà bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tèmi ni pé, kí ló ń ṣe irun?

Ẹ jẹ́ ká wá sí apá kejì. Èwo ni kò léwu?

Ológbò onírun kúkúrú tó bá bi irun ní ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mélòó kan láàárín ọdún, kò sí ìjà níbẹ̀. Onírun gígùn lè bì í lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ìyẹn náà kò tó ohun tá a fi ń sáré. Ẹ óò rí i tó máa dúró, á máa lá ètè, itọ́ á máa yọ, ikùn rẹ̀ á máa lọ sókè sódò bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, á wá hó “gúà, gúà”, ìṣù á sì jáde pẹ̀lú omi tàbí ìfófòó díẹ̀. Gbogbo ẹ̀ kì í ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Lẹ́yìn náà ńkọ́? Á rìn kúrò níbẹ̀ bí ẹni pé kì í ṣe òun, á lọ wo àwo oúnjẹ. Ohun tí ológbò ṣe lẹ́yìn tó bì tán ló ń sọ̀rọ̀ jù. Èyí tó bì tó lọ jẹun, ara rẹ̀ yá. Èyí tó bì tó lọ sá pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ má fojú fò ó.

Bó bá ti ń ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ gbé e wá ká yẹ̀ ẹ́ wò, kódà bó bá ń jẹun. Kì í ṣe pé a fẹ́ tọ́jú irun. A fẹ́ mọ èwo nínú ìdí méjì yẹn ló wà ńdìí ẹ̀.

Mo fẹ́ yà bàrá díẹ̀ níbí, torí ọ̀rọ̀ kan wà tó ti ń tan àwọn èèyàn jẹ. Ikọ́! Ológbò tó ń wúkọ́, tí wọ́n ń rò pé irun ló fẹ́ bì. Bàbá kan gbé ológbò rẹ̀ wá, oṣù mẹ́ta gbáko ló ti ń fún un ní oògùn irun, ìṣù kan ṣoṣo kò jáde. Mo ní, “Bàbá, ẹ bá mi fi fóònù ká a sílẹ̀ nígbà tó bá tún ń ṣe é.” Nígbà tí wọ́n gbé fídíò dé, ológbò lúgọ mọ́lẹ̀, ó na ọrùn síwájú gbọọrọ, ó ń hó “hẹ̀, hẹ̀, hẹ̀”, ikùn rẹ̀ kò fún ara rẹ̀ rárá, àyà ló ń mì. Ó parí ẹ̀, ó gbé itọ́ mì, kò sí nǹkan tó jáde. Ásímà ni. Ológbò máa ń ní ásímà bí èèyàn. Nítorí náà, ibi tẹ́ ẹ máa wò ni ikùn. Bí ikùn bá ń fún ara rẹ̀, èébì ló ń bọ̀. Bó bá jẹ́ ọrùn nína àti àyà mímì, inú ẹ̀dọ̀fóóró ni kẹ́ ẹ máa wò. Bí ẹ bá sì rí ológbò tó la ẹnu sílẹ̀ tó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ajá, ẹ má dúró ká fídíò kankan. Ẹ gbé e, ẹ máa bọ̀.

Ó ti kan apá kẹta báyìí, ó sì ti kan ológbò tó ni ìṣù inú ike yẹn.

Obìnrin ni, ọmọ ọdún márùn-ún, onírun gígùn. Ṣúgà lorúkọ rẹ̀, Bódìjà ni ilé rẹ̀. Ìyá tó ni ín sọ pé kò jẹ́ tuntun kó máa bi irun, nítorí náà nígbà tó bì ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, kò kà á sí. Oúnjẹ ló bì. Ní Ọjọ́ Ẹtì, ó gbìyànjú àtibì tó ìgbà mẹ́fà, ìfófòó funfun lásán ló ń rí. Kò jẹun. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó mu omi, ó bi omi náà padà, ó lọ jókòó sẹ́yìn fìríìjì, kò sì lá ara rẹ̀ mọ́. Ẹ ṣàkíyèsí ìyẹn o: ológbò tó ti pa ara lílá tì. Ọjọ́ náà ni aládùúgbò kan ní kí wọ́n fún un ní epo pupa. Wọ́n di orí rẹ̀ mú, wọ́n da ṣíbí méjì sí i lọ́fun. Ó sín, ó wúkọ́. Wọ́n ní oògùn ti ń ṣiṣẹ́.

Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé ni wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ mi. Mo fọwọ́ kan erìgì rẹ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ dípò kó tutù. Mo fa awọ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ sókè, mo fi sílẹ̀, ó dúró gagaga bí àgọ́ kó tó máa rọra wálẹ̀. Omi ti tán lára rẹ̀ nìyẹn. Mo tẹ ikùn, ó ké, ìka mi sì kan ohun líle kan bí obì. Mo béèrè ìgbà tó yàgbẹ́ kẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó mọ̀.

A ya àwòrán inú rẹ̀. Irun kì í hàn bí egungun ṣe ń hàn nínú àwòrán, ohun tí a ń wò ni ìfun. Apá ìfun tó wà lókè ibi tó dí ti wú, afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀ bíi bàlúùnù. Apá ìsàlẹ̀ pẹlẹbẹ, òfìfo. Ká ní odò kan ni, tí wọ́n sé e láàárín: òkè ń kún, ìsàlẹ̀ ń gbẹ. Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ìṣù ti kúrò nínú ikùn, ó wọ ìfun kékeré, ó há. Ibẹ̀ ni ewu wà. Ìṣù tó ṣì wà nínú ikùn, ológbò lè bì í. Èyí tó há sínú ìfun kò ṣeé bì mọ́, kò sì ṣeé yà.

A kọ́kọ́ fi omi sí i lára láti ojú iṣan, torí ẹni tí omi ti tán lára rẹ̀ kò ṣeé ṣe iṣẹ́ abẹ fún bẹ́ẹ̀ ṣáá. Ọ̀sán la là á. Ìfun náà pupa, ó ti wú, ṣùgbọ́n kò tíì dúdú. Orí àwọ̀ yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Bó bá pupa, ẹ̀jẹ̀ ṣì ń dé ibẹ̀, a lè là á, ká yọ ìdíwọ́, ká rán an padà. Bó bá ti dúdú, ibẹ̀ ti kú nìyẹn, a ní láti gé e kúrò, bó bá sì ti lu, ìgbẹ́ á ti tú sínú ikùn. Ológbò kan wà tí wọ́n gbé wá ní ọjọ́ kẹfà. Tiẹ̀ ti lu. A kò rí i gbà là.

Ti Ṣúgà ṣeé rán. Ṣé a wá lè yọ̀? Kò tíì tó àkókò. Ní ọjọ́ kejì, ìfun rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ibà wá mú un, ó ń mí kíákíá. Kí ni? Epo pupa ni! Lára ṣíbí méjì yẹn, díẹ̀ ti gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóóró nígbà tó ń sín tó ń wúkọ́. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Àwọn àgbà fi ń bá alájẹjù wí ni, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ ẹ̀ nìyẹn lójú mi lọ́jọ́ náà. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tá a fi tọ́jú ẹ̀dọ̀fóóró. Iṣẹ́ abẹ tí gbogbo wa ń bẹ̀rù kò yọ ọ́ lẹ́nu tó epo tí wọ́n fi ṣàánú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí epo yìí. Mo mọ̀ pé ilé tí wọn kì í ti í fún ẹran ní epo pupa ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ wa. Ajá jẹ májèlé, epo. Ewúrẹ́ ń yàgbẹ́ gbuuru, epo. Ológbò ń bì, epo. Epo pupa oúnjẹ ni. Bó bá dénú, ara á lò ó bó ṣe ń lo ọ̀rá ẹran, kí ó tó dé ibi tí irun há sí, ó ti tán. Kì í yọ ọ̀nà fún nǹkan kan. Èyí tí wọ́n ń tà fún ìṣù irun, tí ó dà bí àdídùn rírọ̀ nínú túùbù, ọ̀rá inú rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí ara kì í lò, ìdí nìyẹn tó fi lè yọ̀ dé ìsàlẹ̀. Fífi ìka sí i lẹ́nu kó lá a fúnra rẹ̀ la ń ṣe, a kì í fi síríńjì rọ ọ́ sí i lọ́fun. Àti pé kí ọ̀nà tó dí ni ó wúlò. Bí ọ̀nà bá ti dí, kò sí ohun tẹ́ ẹ máa fún un láti ẹnu tó máa ràn án lọ́wọ́. Ẹ má sì fún un ní parasítámọ̀ torí pé ara ń ro ó. Ẹyọ kan péré lè pa ológbò.

Kí ni àwọn àmì tí Ṣúgà ti fi hàn kí ọjọ́ Ajé tó pé? Ó gbìyànjú àtibì léraléra, nǹkan kan kò jáde. Oúnjẹ kò lọ fún odidi ọjọ́ kan. Omi pàápàá kò dúró. Ó sá pamọ́, kò lá ara. Kò sẹ́ni tó rí ìgbẹ́ rẹ̀. Kò dìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá pé. Ẹyọ méjì nínú ẹ̀ tó láti gbé e wá lọ́jọ́ náà gan-an, kódà bó jẹ́ òru. Ológbò kì í sọ pé ara ń dun òun, ìwà rẹ̀ ni pípa á mọ́ra. Bó bá sì sanra, àìjẹun ọjọ́ mélòó kan nìkan lè dá wàhálà mìíràn sílẹ̀: ọ̀rá ara rẹ̀ á ya lọ kún inú ẹ̀dọ̀, ojú àti etí rẹ̀ á máa pọ́n bí ewé tó fẹ́ wọ́. Nígbà yẹn, ẹ̀dọ̀ la máa máa tọ́jú, kì í ṣe irun mọ́.

Ẹ̀yin aránṣọ, ẹ gbọ́ èyí náà. Òwú ìránṣọ máa ń fara wé ìṣù irun. Ológbò á gbé òwú mì, ìdí kan á kọ́ sábẹ́ ahọ́n, ìdí kejì á ti wọ ìfun. Ìfun á wá ká jọ sórí òwú bí ìbàdí ṣòkòtò ṣe ń ká jọ tá a bá fa okùn rẹ̀. Bí ẹ bá rí òwú tó yọ lẹ́nu tàbí ní fùrọ̀, ẹ kò gbọ́dọ̀ fà á. Òwú tó le koko lè la ìfun bí abẹ.

Mo ti ní kí n béèrè ohun tó ń ṣe irun. Kí ló ṣe irun Ṣúgà? Lẹ́yìn tó yá, mo yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò níbi tí ìrù ti bẹ̀rẹ̀. Irun ibẹ̀ ti rẹ̀ kúrò, àwọn nǹkan dúdú kéékèèké bí ata gígún wà lára awọ. Mo gbọ̀n ọ́n sórí bébà funfun tó tutù, ó sì yọ pupa. Ẹ̀jẹ̀ ni, ìgbẹ́ àwọn kòkòrò tó ń ta pọ́n-ún nínú irun. Ìyá náà ní àwọn gba ọmọ ajá kan sílé ní oṣù méjì sẹ́yìn. Ọmọ ajá ló kó kòkòrò wálé, kòkòrò ń jẹ Ṣúgà, Ṣúgà ń lá ara tọ̀sántòru, irun ń wọlé. Ẹ rí i bó ṣe tò? Oògùn kòkòrò fún ológbò la lò, a sì tọ́jú ajá náà pẹ̀lú. Ẹ má fi oògùn ajá sí ológbò lára, òmíràn nínú wọn máa ń mú un gbọ̀n títí yóò fi kú. Ọtapíapíà ńkọ́? Ẹ má tilẹ̀ dárúkọ ẹ̀. Ohun tí wọ́n dà sí i lára, ahọ́n kan náà yẹn ló máa fi lá a.

Wọ́n fún mi ní ìwé ìbéèrè kan. Ó ní: “Dókítà, ológbò mi máa ń jẹ koríko, ṣé oògùn irun ló ń jẹ?” Ọ̀pọ̀ ológbò ló ń jẹ koríko, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í sì í bì lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ kó jẹ ẹ́, bí wọn kò bá ti da oògùn pakoríko síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má gbójú lé koríko. Òòyà ni kẹ́ ẹ gbójú lé: ojoojúmọ́ fún onírun gígùn, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún onírun kúkúrú. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó. Irun tó bá bá òòyà jáde kò ní bá ahọ́n wọlé.

Ìyá Ṣúgà wà níjòókòó lónìí, èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ kó wá. Mo ní kó má da irun tó ń yà lára Ṣúgà nù fún ọ̀sẹ̀ kan. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé àpò ọ̀rá tẹ́ ẹ kó irun náà sí yẹn sókè kí wọ́n rí i. Ẹ wo bó ṣe kún. Ẹni tí ike wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ bá mi gbé òun náà sókè, kí wọ́n jọ wò ó pọ̀.